Aṣọ Pupa Ìyá Àìsùn

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń fi ọmọ ọlọ́mọ sùn lọ́sàn-án, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni láyè kó wá kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ kékeré ni kí ọmọ mẹ́rìnlá jẹun tán kí wọ́n sì dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kó wá jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ kí n wo bí ojú ẹ̀ á ṣe rí. Ṣùgbọ́n mi ò wá yangàn. Ọmọ kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lásìkò ìsinmi ọ̀sán. Ọmọ kejì tó rí i kò sọ̀rọ̀ mọ́, odindi ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n ń sọ pé ó wò ó títí tó fi kú, kò sì pariwo. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ọmọ yẹn, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bá a ṣe máa ń ṣe é. Tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á fomi yọ ẹnu, wọ́n á tò síwájú mi, wọ́n á máa la ẹnu lọ́kọ̀ọ̀kan kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọdé a máa fi oúnjẹ pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni pé ọ̀la ò ní sí oúnjẹ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìtọ̀, bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kálukú sórí fóòmù ẹ̀. Mo máa ń fi àyè tó gùn tó apá sílẹ̀ láàárín fóòmù kan sí èkejì, orí ẹni kan á wà níbi ẹsẹ̀ ẹnì kejì, kí wọ́n má baà máa mí sí ara wọn lójú. Mo máa fa kọ́tìnì dé ìdajì. Mi ò gbà kí yàrá ṣókùnkùn, torí mo gbọ́dọ̀ máa rí ètè wọn. Màá sọ ìtàn kúkúrú kan, ohùn mi á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, màá dìde, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, màá wo àyà ẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, màá sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Àwọn tí oorun kì í kùn ló wà níbẹ̀ tó le. Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Wọn ò tíì rí Ìyá Àìsùn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọmọ yẹn kì í sùn, kì í sì í yọ ìyá ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọmọ kápẹ́ńtà kan ni, ó ti lé ní ọdún mẹ́rin díẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyá Àìsùn, òun náà sì fẹ́ràn ẹ̀, á jẹ́ ẹ lóhùn bí ìyá àgbà. Á kàn dùbúlẹ̀, á la ojú méjèèjì sílẹ̀, á máa ka àwọn ìlà tó wà lára àjà.

Mo ti rí i níbòmíì tí wọ́n ń fi aṣọ bo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú, tàbí tí wọ́n ń jágbe mọ́ ọn pé kó sùn. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni. Èèyàn lè fipá mú ọmọ dùbúlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fipá mú un sùn. Lọ́dọ̀ tèmi, ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo wọn á fi dùbúlẹ̀, kí ara lè balẹ̀. Ẹni tí oorun ò bá wá gbé lẹ́yìn ìyẹn, á rọra dìde, á lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá fèrèsé. Ìwé àwòrán wà níbẹ̀, ọmọláńgidi aláṣọ wà níbẹ̀, igi tí wọ́n gé bọ̀ǹbọ̀-bọ̀ǹbọ̀ tí kò lè wọ ọmọ lẹ́nu wà níbẹ̀. Ariwo nìkan ni kò sí.

Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Tí ẹnì kan bá fọhùn báyìí, àwọn mẹ́tàlá tó kù á ta jí, ọ̀sán ọjọ́ náà sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá ọgbọ́n aṣọ. Ọmọ tí kò bá sùn á gba aṣọ pélébé méjì, funfun àti pupa. Tó bá fi funfun lé ikùn, ó túmọ̀ sí pé mi ò sùn o, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Tó bá na pupa sókè, ó ń wá mi. Èmi náà á wá dá a lóhùn láìlanu. Tí mo bá fọwọ́ kan etí mi, kó máa bọ̀ wá sọ ọ́ sí mi létí. Tí mo bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kó dúró, kó má sọ nǹkan kan títí màá fi fọwọ́ kan etí.

Gbogbo ayé ló ń yìn mí nítorí ẹ̀. Màdámù tó ni ilé-ìwé a máa mú àwọn òbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè wá sẹ́nu ọ̀nà, á ní kí wọ́n yọjú wò ó, á ní ṣé wọ́n ti rí ibi tí ọmọdé ti ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ rí. Orí mi a máa wú. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Ìyá Àìsùn nínú wọn. Tí mo bá ti tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ fún un báyìí, ilẹ̀ ì báà ṣú, kò ní gbin.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Màdámù pè mí láàárọ̀. Ó ní ará ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé ìtọ́jú ọmọdé ń bọ̀ lọ́la, wọ́n á yẹ ìwé wa wò, òun sì ti rí i pé ìwé ìsinmi mi ò pé. Lóòótọ́, kò pé. Mi ò ṣàì máa yẹ àwọn ọmọ wò o. Kíkọ ẹ̀ ló máa ń sú mi. Àwọn ọjọ́ mélòó kan ti ṣófo gbáláú nínú ìwé náà.

“Ẹ bá mi kọ ọ́ kó pé kí ilé-ìwé tó jáde lónìí,” Màdámù wí.

“Ìgbà wo ni kí n wá kọ ọ́?” mo bi í.

“Ṣebí wọ́n máa sùn lọ́sàn-án.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni, mo sì gbà. Èmi tí mo máa ń bú àwọn tó kéré sí mi pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, èmi ni mo gbà láti fi ojú yẹn kọ̀wé.

Ọmọ yòókù tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ la máa ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́ta, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá ẹ̀ bí, ìyá náà sì jẹ́ aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì. Mo fún un lórúkọ yẹn torí pé kò sóúnjẹ tó jẹ tí kì í fi díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì kó tó lọ dùbúlẹ̀, òun á sì máa rẹ́rìn-ín. Ìrẹsì àti ẹran ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà. Ó dé iwájú mi, ó la ẹnu gbàgà. Mo rí eyín, mo rí ahọ́n, mo ní ó dáa, máa lọ. Mi ò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ìwé ló wà lọ́kàn mi.

Ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àìsùn ni fóòmù ẹ̀ máa ń wà. Èmi ni mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, torí pé tí ọmọ yẹn bá ti sùn, ìlù ò lè jí i, kódà kí Ìyá Àìsùn yí lọ yí bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Pẹpẹ ìwé kékeré kan wà láàárín tábìlì mi àti ibẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo bá ń rìn yíká, pẹpẹ yẹn ò dí mi lọ́wọ́ rárá. Ní ọjọ́ tí mo jókòó, ẹsẹ̀ Ìyá Àìsùn nìkan ni mo lè rí, àti ọwọ́ ẹ̀ tó bá nà án sókè, ṣùgbọ́n òun lè rí ọwọ́ mi láti àlàfo àárín àwọn ìwé.

Mo sọ ìtàn tán. Yàrá parọ́rọ́. Mo ṣí ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ Ajé tó ṣófo. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo na ọrùn láti orí àga, mo rí i pé kò sẹ́ni tó ń rìn, mo kọ ti ọjọ́ náà mọ́ ọn: gbogbo wọn ń sùn, wọ́n ń mí dáadáa. Mi ò dìde.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo rí aṣọ pupa lókè pẹpẹ. Mo ní ilé ìtọ̀ ni, torí Ìyá Àìsùn fẹ́ràn omi. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sílẹ̀ pé kó dúró, mo padà sídìí ìwé. Nígbà tí mo tún gbójú sókè, aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń gbọ̀n díẹ̀. Inú bí mi. Mo tún tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì gan-an lọ́tẹ̀ yìí, mo sì dijú mọ́ ọn. Mo fẹ́ kó yé e pé ọwọ́ mi dí.

Mo kọ̀wé tán, mo dìde pé kí n wá gbọ́ ohun tó fẹ́. Ìyá Àìsùn ṣì na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà ti rẹ̀ ẹ́, ó ti fi ọwọ́ kejì gbé e ró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ti yí kúrò lórí fóòmù, ètè ẹ̀ ti dúdú. Ẹni tí nǹkan bá há lọ́fun kì í lè pariwo. Kò lè wúkọ́, kò lè ké. Ó ti jà títí, orí fóòmù ló sì ti ń jà, fóòmù kì í dún.

Mo gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo la ẹnu ẹ̀, mo rí ẹran náà, mo fi ìka gbá a jáde. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láyà bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ọgbọ̀n ìgbà, kí n tún fẹ́ atẹ́gùn lẹ́ẹ̀mejì, kí n tún máa tẹ̀ ẹ́. Mo pariwo pe ìyá tó ń dáná fún wa pé kó pe ọkọ̀ aláìsàn. Gbogbo ọmọ jí, gbogbo wọn ń sunkún, àfi ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, èmi ń sáré tẹ̀ lé wọn, mo kọjá lára Ìyá Àìsùn. Aṣọ pupa wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń wò mí. Mi ò wojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkàn ẹ̀ padà bẹ̀rẹ̀ sí í lù nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti jìnnà sí ọpọlọ ẹ̀ jù. Ọjọ́ kẹta ló kú nílé ìwòsàn.

Màdámù wá bá mi nílé lọ́jọ́ kẹrin. Ó jókòó, ó fọwọ́ lé mi léjìká, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

“Ìwé yín pé,” ó ní. “Ẹ yẹ̀ wọ́n wò nígbà tó yẹ, ó wà lákọsílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan kan. Ọmọ kápẹ́ńtà ló rí i, kò sì pariwo. Ọmọdé ni, kò sẹ́ni tó máa fìyà jẹ ẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé ọmọ náà rí i.

“Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọ́ ló wà ni? Àti pé ojú ẹ̀ là sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í sùn.”

Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n bà mí, ìtìjú sì pa mí ju ẹ̀rù lọ. Ọdún mọ́kànlélógún! Mo sọ fún ara mi pé ọmọdé á gbàgbé, pé ọ̀rọ̀ ò lè lẹ̀ mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Irọ́ gbáà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń fa ọmọ wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lẹ́nu géètì. Ẹnì kan ní ojú ọmọ yẹn le jù. Aránṣọ, ìyá olóògbé, dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ní, “Ọmọ tó wo ọmọ mi títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu ẹ̀.” Èmi náà wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo sì kọjá lọ.

Kápẹ́ńtà wá bá mi. Ọkùnrin tó ṣe jẹ́jẹ́ ni, ó bọ́ fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Kí ló ṣe é? Kò sọ̀rọ̀ látọjọ́ yẹn. Ó ń jẹun, ó ń wẹ̀, kò sunkún. Ó kàn ń wo ọwọ́ wa ṣáá ni. Mo ní kó bá mi sọ̀rọ̀, kò sọ. Ìyá ẹ̀ sunkún níwájú ẹ̀, kò sọ. Aṣọ pupa yẹn ni kì í jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ òun, ó fi ń sùn.”

“Ó ń sùn?” ni mo bi í. Ohun tí mo rí bi baba ọmọ nìyẹn.

“Ó máa ń sùn lórí ìjókòó, mà. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́ jù.”

Mo ní ẹ̀rù ló bà á, pé á lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ o, ó tún kúnlẹ̀ díẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá ni ará ọ́fíìsì pè wá jọ. Obìnrin kan tó wọ ìgò lójú ni, ó mú ìwé ìsinmi mi dání. Yàrá ìsinmi yẹn gan-an la jókòó sí, lórí àwọn àga kékeré ọmọdé: èmi, Màdámù, aránṣọ, kápẹ́ńtà àti ọmọ ẹ̀. Aránṣọ ló ní àfi kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ náà. Ará ọ́fíìsì kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fipá bi ọmọdé. Kápẹ́ńtà ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀, bóyá á lè sọ̀rọ̀.

Ará ọ́fíìsì ka ìwé mi síta. Gbogbo wọn ń sùn, wọ́n ń mí dáadáa. Ó bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Màdámù wò mí. Mo ní ohun tí mo kọ nìyẹn.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ Ìyá Àìsùn, ó rọ ohùn ẹ̀. “Ọmọ mi, ṣé wàá lè sọ fún wa ohun tó o rí lọ́jọ́ yẹn?”

Ọmọ náà ò wò ó. Aránṣọ mí kanlẹ̀, ó ní, “Ẹ ò rí i? Ẹ wo ojú ẹ̀.” Èmi náà wo ojú ẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń wò. Mo wo ọwọ́ náà. Ó wà lórí itan mi, àtẹ́lẹwọ́ dojú kọlẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Mo ti ní kó dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó dúró, mi ò sì fọwọ́ kan etí láti ìgbà yẹn. Ẹ̀rù kọ́ ló ń bà á, orí ẹ̀ ò sì dàrú. Ó ń dúró dè mí ni. Èmi ni mo kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú yàrá yẹn. Kí n ṣáà fi ọwọ́ náà sílẹ̀ níbi tó wà, ọ̀rọ̀ á tán, ìwé mi á pé, màá jẹ owó ìfẹ̀yìntì mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, ti ọmọ yìí sì ti ń bá a dákẹ́ láti ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ro gbogbo ẹ̀. Mi ò ní purọ́ pé mi ò rò ó.

Mo gbé ọwọ́ náà sókè, mo fi kan etí mi.

Ìyá Àìsùn dìde lójú ẹsẹ̀. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, bí mo ṣe kọ́ wọn, kó má baà jí ẹnikẹ́ni. Ó yí pẹpẹ ìwé ká, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fi ẹnu ẹ̀ mọ́ etí mi, aṣọ pupa wà lọ́wọ́ ẹ̀.

“Àǹtí,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́, “Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ò lè mí.”

Mo dì í mú. Àwọn tó kù ń béèrè pé kí ló sọ, kí ló sọ. Mo sọ ọ́ sókè kí ìyá ọmọ gbọ́. Mo ní ọmọ yìí na aṣọ sókè, ó ń pè mí, èmi ni mo ní kó dúró, ó sì dúró. Mo ní ìwé tí ẹ mú dání yẹn, orí àga ni mo ti kọ ọ́, òun gan-an ni mo sì ń kọ lọ́wọ́ nígbà tó ń pè mí. Màdámù pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Àìsùn yíjú sí baba ẹ̀, ó ní òun fẹ́ omi. Kápẹ́ńtà gbé e, ó fi ojú pamọ́ sí i lọ́rùn, ó gbé e jáde.

Aránṣọ ò pariwo mọ́ mi. Ó kàn bi mí pé ìṣẹ́jú mélòó ni aṣọ náà fi wà lókè.

Mi ò wo aago lọ́jọ́ náà. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Mo ní ojú ìwé kan àtààbọ̀ ni mo kọ.